Owó Oṣù Ò Wọlé, Iṣẹ́ Ò Dúró: Kí Ló ń Ṣẹlẹ̀ Nínú Orí Òṣìṣẹ́?

Sáyẹ́ǹsì tá a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí kò nílò máíkírósíkóòpù rárá. Ìwé àjákọ kan àti bírò ti tó.

Lọ́dún 2023, kí n tó padà sí yunifásítì láti ka ìwé sí i, mo ṣe tíṣà sáyẹ́ǹsì ní ilé ìwé aládàáni kan níbí ní Ìfọ̀. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwé náà. ₦45,000 ni owó oṣù mi. Owó oṣù kẹrin pẹ́ kó tó wọlé, ṣùgbọ́n ó wọlé. Ti oṣù karùn-ún ò wọlé. Lọ́jọ́ 29 oṣù yẹn ni wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí owó ọkọ̀ ní gbogbo ojú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta lọ́sẹ̀ yẹn. ₦300 tí mò ń ná lọ-bọ̀ di ₦600. Àwọn òbí tó yẹ kó san owó ilé ìwé náà ń sunkún owó ọkọ̀ tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni Mọ́mì tó ni ilé ìwé ń sọ fún wa pé ká ní sùúrù, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Oṣù kẹfà kọjá, kò wọlé. Oṣù keje náà ò wọlé.

Láàárín oṣù kẹfà yẹn ni mo máàkì ìdánwò àwọn ọmọ JS2, tí gbogbo kíláàsì sì féèlì. Mo bínú sí wọn gan-an. Ọmọ kan ló rọra wá bá mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo nọ́ńbà 4 yìí." Mo wò ó. Ìdáhùn JS1 ni mo fi máàkì fún JS2, láti ìwé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, ìwé mẹ́tàlélógún! Mi ò sùn lẹ́nu iṣẹ́, ara mi sì yá. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí mò ń máàkì, apá kan nínú orí mi ń ṣírò owó ọkọ̀ ọjọ́ kejì.

Ìgbà tí mo dé yunifásítì ni mo wá mọ̀ pé àwọn onímọ̀ ti dán irú nǹkan yìí wò. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti Supreet Kaur, Sendhil Mullainathan, Suanna Oh àti Frank Schilbach, tí wọ́n ṣe ìwádìí wọn ní ìpínlẹ̀ Odisha ní orílẹ̀-èdè Íńdíà. Iṣẹ́ tí wọ́n lò máa yé wa dáadáa níbí, torí àwa náà mọyì ewé. Wọ́n gba àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 400 síṣẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì láti máa fi ewé rán àwo oúnjẹ, irú èyí tí wọ́n ń lò fún ìnáwó lọ́hùn-ún. Iye àwo tí èèyàn bá rán ni wọ́n fi ń ṣírò owó rẹ̀. Àsìkò tí iṣẹ́ oko ò sí ni wọ́n ṣe é, nígbà tí owó wọ́n jù, tí ọ̀pọ̀ wọn sì wà nínú gbèsè.

Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n yí padà, ìyẹn ọjọ́ tí owó máa wọlé. Wọ́n fi ìbò pín àwọn òṣìṣẹ́ náà. Àwọn kan gba owó iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ìparí, àwọn tó kù dúró di ọjọ́ ìkẹyìn kí wọ́n tó gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ẹ̀bùn níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni iye tí wọ́n ń san lórí àwo kan ò yàtọ̀. Ní àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé ìgbà tí owó dé ọwọ́ wọn, iṣẹ́ àwọn tó gbà á ṣáájú fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 pọ̀ ju ti àwọn tó ń dúró lọ. Àwọn tí ọwọ́ wọn há jù lọ ni ìyàtọ̀ yìí hàn lára wọn jù. Àwọn tó ní nǹkan díẹ̀ nílé, kò fi bẹ́ẹ̀ hàn lára tiwọn.

Ibi tó dùn mọ́ èmi nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé wọn ò ka iye àwo nìkan. Wọ́n tún yẹ àwo náà wò fínnífínní. Ewé mélòó ni òṣìṣẹ́ lò fún àwo kan? Ṣé ó gún ihò sí ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì? Irú àṣìṣe báwọ̀nyí kì í ṣe àìmọ iṣẹ́, ọkàn tí kò sí níbẹ̀ ló ń fà á. Ó sì dín kù lára àwọn tó gba owó ṣáájú. Nígbà tí mo ka ibi yẹn, ìwé JS2 ni mo rántí.

Ohun tí wọ́n rò pé ó ń fà á nìyí. Iye nǹkan tí ọpọlọ lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà ní ìwọ̀n. Tí ọ̀rọ̀ owó tí kò ní ojútùú bá gba àyè kan níbẹ̀, àyè tó kù ló máa ṣe iṣẹ́. Mullainathan yìí kan náà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ nípa àwọn àgbẹ̀ ìrèké ní Tamil Nadu lọ́dún 2013. Àgbẹ̀ kan náà ni wọ́n dán wò kí ó tó kórè, nígbà tí owó ti tán, àti lẹ́yìn ìkórè, nígbà tí owó ti dé. Ẹni kan náà ni, orí kan náà, ṣùgbọ́n ó ṣe dáadáa lẹ́yìn ìkórè ju ti ìṣáájú lọ.

Ẹ má wàá lọ máa sọ kiri pé òṣì ń sọ èèyàn di òpè o. Kì í ṣe ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Àwọn onímọ̀ mìíràn, Carvalho, Meier àti Wang, dán àwọn ará Amẹ́ríkà tí owó wọn ò pọ̀ wò ṣáájú ọjọ́ owó oṣù àti lẹ́yìn rẹ̀. Wọn ò rí ìyàtọ̀ kankan nínú bí ọpọlọ wọn ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọdún 2016 ni wọ́n gbé e jáde. Báwo wá ni? Èrò tèmi ni pé ẹni tó mọ̀ pé ọjọ́ Jímọ̀ ni owó òun máa wọlé, tó sì máa ń wọlé lóòótọ́, kò sí nínú ipò kan náà pẹ̀lú ẹni tí wọ́n ń sọ fún pé "ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀" fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Ti àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ há ni. Ti èkejì, ọwọ́ rẹ̀ há, kò sì lè ṣètò nǹkankan.

Èyí ló jẹ́ kí n rò pé ohun méjì ló wà láti ṣe tí owó oṣù ò bá wọlé: ká wá bí owó díẹ̀ ṣe máa wọlé ní ọjọ́ tó dájú, ká sì wá bí ohun tó wà nínú orí ṣe máa bọ́ sórí ìwé. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí tèmi ṣe lọ, pẹ̀lú iye rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò owó ló bi mí ní ìbéèrè kan tí mi ò tíì bi ara mi rí. Ó ní, "Mélòó ni iṣẹ́ yìí ń gbà lọ́wọ́ ẹ lóṣù?" Mo ní kí ló ń sọ, ṣebí iṣẹ́ ló yẹ kó fún mi lówó. Ó ní kí n ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀. Owó ọkọ̀ ₦600 lójúmọ́, oúnjẹ ọ̀sán ₦400, àpapọ̀ ₦1,000. Tí mo bá lọ síṣẹ́ lọ́jọ́ 21 nínú oṣù, ₦21,000 nìyẹn. Tí owó oṣù bá wọlé, ₦24,000 ló máa kù sí mi lọ́wọ́. Tí kò bá wọlé, èmi ni mò ń san ₦21,000 lóṣooṣù kí n lè bá ẹlòmíì ṣiṣẹ́. Mo jókòó síbẹ̀, mo wo ìwé náà fún ìgbà díẹ̀.

Nọ́ńbà yìí ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ pè é ní owó-ìlọsíṣẹ́. Àwa tó ń gbé Ìfọ̀, Mowé tàbí Ìbàfò tá a sì ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ó lè ju ìlàjì owó oṣù lọ. Òun ló ń sọ fún yín iye ọjọ́ tí ẹ ṣì lè fara dà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ gbèsè nítorí iṣẹ́ tí wọn ò sanwó rẹ̀. Èmi ní ₦31,000 nílé nígbà náà. Pín in sí ₦1,000: ọjọ́ iṣẹ́ 31, kò ju oṣù kan àtààbọ̀ lọ, ìyẹn tí mi ò bá ra nǹkan mìíràn rárá.

Mo gé e. Mo máa ń fẹsẹ̀ rìn dé ibi tí màrúwá ti ń gba owó kékeré, bí ìṣẹ́jú 25 láàárọ̀, ó dín ₦200 kù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ láti ilé, ₦400 di nǹkan bí ₦150. Ọjọ́ kan di ₦550, oṣù di ₦11,550. Mo wá gba ọmọ méjì tí mò ń kọ́ nílé ní ìrọ̀lẹ́, ₦6,000 lóṣù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. ₦12,000 yẹn kò sọ mí di olówó, ṣùgbọ́n ó ju owó-ìlọsíṣẹ́ mi lọ pẹ̀lú ₦450. Láti ọjọ́ yẹn, iṣẹ́ náà ò gbà lọ́wọ́ mi mọ́. (Ọ̀dọ̀ àǹtí mi ni mò ń gbé, mi ò san owó ilé. Ẹni tó ń san owó ilé tàbí tó ń bọ́ ọmọ, tiẹ̀ le ju báyìí lọ, mi ò ní parọ́ fún yín.)

Tí ẹ bá gé e títí tí kò ṣeé gé mọ́, tí kò sì sí ọ̀nà mìíràn tó lè bò ó, ẹ ti mọ nìyẹn pé iṣẹ́ yẹn ò ṣeé ṣe lójoojúmọ́. Ẹ lè lọ sọ fún ọ̀gá pé ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni ẹ lè wá títí owó á fi dé, kí ẹ sì mú ìṣirò yín dání. Mo rí i pé nọ́ńbà máa ń ṣe ohun tí ẹkún ò lè ṣe.

Ó wá kan bíbéèrè owó. Gbogbo àwa tíṣà, mẹ́rìnlá, la máa ń jọ sọ̀rọ̀ nínú yàrá wa, tá a máa ń ráhùn, àmọ́ nígbà tí Mọ́mì bá wọlé, "Ẹ káàárọ̀ mà" ni gbogbo wa máa ń wí. Ẹnì kan ṣoṣo ló lọ béèrè gbogbo owó oṣù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì dá a lóhùn pé kò sí. Òótọ́ sì ni, kò sí. ₦45,000 lọ́nà mẹ́rìnlá jẹ́ ₦630,000. Owó tó ń wọ ilé ìwé lásìkò yẹn, ₦2,000 lọ́wọ́ òbí kan lónìí, ₦5,000 lọ́wọ́ òmíràn lọ́la ni. Owó tó ń kán bí omi òjò nínú àgbá tó lu kò lè san ₦630,000, ṣùgbọ́n ó lè san nǹkan kékeré.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo mọ̀ pé nǹkan ò rọrùn fún ẹ̀yin náà. Owó ọkọ̀ ni mi ò ní mọ́ mà. Tí ẹ bá lè máa fún mi ní ₦5,000 ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì nínú owó oṣù mi, màá lè máa wá. Ẹ máa yọ ọ́ kúrò tí owó bá dé." Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́. Wọ́n wá ní, "Ìwọ nìkan ló bá mi sọ̀rọ̀ bí èèyàn." Mi ò mọ̀ bóyá ìyìn ni àbí èébú. Ṣùgbọ́n wọ́n fún mi lọ́jọ́ náà.

Láti ọjọ́ 16 oṣù kẹfà títí dé ọjọ́ 28 oṣù keje, ọjọ́ Ẹtì méje ló wà. Ìgbà márùn-ún ni mo gba ₦5,000, mo gba ₦3,000 lẹ́ẹ̀kan, ìgbà kan sì kọjá láìsí nǹkan. ₦28,000 lápapọ̀. Kò pọ̀. Àmọ́ ó ní ọjọ́ tirẹ̀, mo sì lè ṣètò sí i. Kí ẹ kíyè sí i pé ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn aláwo ewé ní Odisha nìyí gẹ́lẹ́, àní bí mi ò tiẹ̀ tíì gbọ́ orúkọ Odisha nígbà náà: wọn ò fi kún owó, wọ́n kàn mú díẹ̀ nínú rẹ̀ wá ṣáájú. Tí ẹ bá ní láti ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ̀gá yín, ẹ lè sọ fún un pé òun náà máa jèrè, torí òṣìṣẹ́ tí ọkàn rẹ̀ wà níbi iṣẹ́ kì í fi ìdáhùn JS1 máàkì ìwé JS2.

Nípa ẹ̀yáwó, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́. Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan yá ₦15,000 lórí áàpù inú fóònù fún ọjọ́ 14, èlé ìdá 30 nínú 100. Ọjọ́ 14 pé, owó oṣù ò dé, ó yá òmíràn láti fi san ti àkọ́kọ́. ₦15,000 di ₦19,500. Ó tún yí i, ó di ₦25,350. Ìgbà kẹta, ₦32,955. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré. Àwọn bàbá wa ti mọ irú owó yìí tipẹ́, "sogúndogójì" ni wọ́n ń pè é, áàpù ló kàn wọ aṣọ tuntun sí i lọ́rùn. Ohun tó burú níbẹ̀ fún ẹni tí wọ́n jẹ lówó oṣù ni pé gbèsè náà ní ọjọ́, owó oṣù ò ní. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fi ohun tí kò ní ọjọ́ ṣe ìdúró fún ohun tó ní ọjọ́. Tí kò bá wá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ kọ́kọ́ wo orí ìkànnì FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, kí ẹ mọ̀ bóyá áàpù yẹn wà lára àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ ló sábà máa ń fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà inú fóònù yín pé olè ni yín.

Àjọ dára jù, tí ẹ bá ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwa mẹ́wàá là ń dá ₦5,000 lóṣù, ipò kẹjọ ni mo wà. Mo lọ bá ìyá tó jẹ́ olórí wa, mo sọ òótọ́ fún wọn, mo sì bá ẹni tó wà ní ipò kẹrin pààrọ̀. ₦50,000 dé ọwọ́ mi ní oṣù mẹ́rin ṣáájú, láìsí èlé kankan. Ẹni tó kó àjọ ṣáájú, owó àwọn tó kù ló yá yẹn. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá kó o tán tí kò dá a mọ́ kò fi ní rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ní àdúgbò. Ẹ má pààrọ̀ tí ẹ ò bá mọ ibi tí ₦5,000 oṣù tó ń bọ̀ ti máa wá.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló kàn. Lọ́jọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ yẹn ni mo ra ìwé àjákọ kan. Mo fa ìlà sí i: ọjọ́, owó tó yẹ kí n gbà, owó tí mo gbà, owó tó kù, ìbuwọ́lù Mọ́mì. Ó ti mí lójú láti ní kí wọ́n buwọ́ lù ú, torí náà mo ṣe é bí ẹni pé èmi ni mi ò fẹ́ gbàgbé. Ìgbà tí wọn ò bá ráyè, tí mo bá dé ilé, màá fi wáàsáàpù ránṣẹ́: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ẹ ṣé fún ₦5,000 òní nínú owó oṣù karùn-ún. Ó ku ₦40,000 nínú ti oṣù náà." Tí wọ́n bá dáhùn pé "O káre," ẹ̀rí ti wà nìyẹn. Ẹ pa irú mẹ́sééjì bẹ́ẹ̀ mọ́, kí ẹ yà á ní fọ́tò, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí íméèlì ara yín. Fóònù máa ń sọnù nínú bọ́ọ̀sì.

Ẹ má fojú kéré ìwé yìí. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, nígbà tí owó tó ń wá láti Àbújá dín kù, ìjọba jẹ àwọn òṣìṣẹ́ ní owó ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dún 2015. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í san án, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló gba odindi. Àwọn tó wà ní ipele 1 dé 7 ń gba gbogbo rẹ̀, ipele 8 dé 10 ń gba ìdá 75 nínú 100, àwọn tó wà ní ipele 12 sókè ń gba ìdajì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é títí wọ ọdún 2018. Gómìnà mìíràn dé, òmíràn tún dé lẹ́yìn rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ sì ni wọ́n ń san nínú gbèsè owó oṣù yẹn nígbà náà. Ẹ wá ro ó wò: ẹni tó yẹ kó máa gba ₦80,000 tó ń gba ₦40,000, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ náírà. Kò sí ẹni tó lè fi orí lásán rántí ìyẹn lẹ́yìn ọdún méje, pàápàá tí wọ́n bá ti gbé e kúrò ní ipele kan sí òmíràn láàárín ìgbà náà.

Ní ti òfin, Òfin Òṣìṣẹ́ tó ti wà láti ọdún 1974 sọ ní abala 15 pé owó iṣẹ́ gbọ́dọ̀ di sísan ní ìparí àsìkò tí ẹ jọ fi àdéhùn sí, àti pé tí àsìkò náà bá ju oṣù kan lọ, àlàfo ìsanwó kò gbọ́dọ̀ ju oṣù kan. Abala 7 ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó ṣàlàyé owó àti iṣẹ́ rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o, bí òfin yìí ṣe túmọ̀ "òṣìṣẹ́", àwọn tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ló wà fún jù. Tíṣà, nọ́ọ̀sì tàbí ẹ̀njiníà lè má sí lábẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ò ní kí wọ́n má sanwó yín. Àdéhùn tí ẹ jọ ṣe ni ẹ máa gbé lọ sí ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ àti ìwé tí mo wí yẹn ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ béèrè. Kí ọ̀rọ̀ tó dé ibẹ̀, lẹ́tà kan láti ọwọ́ lọ́yà sábà máa ń ṣiṣẹ́. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń pè ní Òṣómàáló, tí wọ́n máa ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ẹni tó rà wọ́n láṣọ láwìn títí á fi sanwó, kò nílò lọ́yà. Mi ò ní kí ẹ lọ lóṣòó sí iwájú ilé ọ̀gá yín o!

Gbogbo èyí dára lójú ọ̀sán. Ní òru ńkọ́? Èmi kì í rí oorun sùn. Màá wo fóònù ní aago kan, aago mẹ́ta, bóyá àláàtì ti wọlé, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé Mọ́mì kì í fowó ránṣẹ́ lóru. Ohun kan ràn mí lọ́wọ́ tí mi ò mọ̀ pé ó ní ìwádìí nídìí. Mo máa ń kọ ohun tí mo fẹ́ ṣe lọ́la sí ẹ̀yìn ìwé gbèsè yẹn kí n tó sùn.

Michael Scullin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Baylor dán èyí wò, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2018. Ọ̀dọ́ 57 ni wọ́n mú sùn sínú yàrá ìwádìí. Wọ́n ní kí ìlàjì wọn fi ìṣẹ́jú 5 kọ ohun tí wọ́n ní láti ṣe ní ọjọ́ iwájú, kí àwọn tó kù kọ ohun tí wọ́n ti ṣe parí. Àwọn tó kọ ohun tó kù láti ṣe ló kọ́kọ́ sùn, pẹ̀lú bí ìṣẹ́jú 9 síra wọn. Èèyàn á ti rò pé òdìkejì ló máa rí. Àti pé bí ohun tí wọ́n kọ bá ṣe ṣe pàtó tó, bẹ́ẹ̀ ni oorun ń yá tó. Torí náà, "wá owó" kọ́ ni ẹ máa kọ. "Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lọ bá ìyá Tọ́pẹ́ pé kí wọ́n san owó ẹ̀kọ́ ilé ti oṣù yìí" ni. Èèyàn 57 ò pọ̀, ara wọn le, kò sì sí ohun tó sọ pé ẹnikẹ́ni jẹ wọ́n lówó oṣù. Ẹ kàn dán an wò, bírò lásán ló ń ná yín.

Fóònù náà, mo fi òfin dè é: aago méje àárọ̀ àti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ nìkan ni mo ń wo báńkì. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ nira ju kí èèyàn má jẹun lọ.

Ohun tí mi ò tètè ṣe ni kí n sọ fún àwọn ará ilé. Ìyá mi rò pé mò ń gba owó, wọ́n ń pè mí pé kí n fi nǹkan ránṣẹ́ sí àbúrò mi, èmi náà ń sọ pé "Màá ṣe é, mà." Ìtìjú ni. Bẹ́ẹ̀ èmi kọ́ ló jẹ gbèsè, èmi ni wọ́n jẹ. Ọjọ́ tí mo sọ ọ́ jáde, ìyá mi kọ́kọ́ bínú pé kí ló dé tí mo fi pa á mọ́, wọ́n wá dín ohun tí wọ́n ń béèrè kù. Ẹrù kan kúrò nínú orí mi lọ́jọ́ yẹn tí kò ná mi ní kọ́bọ̀.

Ìgbà kan wà tí ọ̀rọ̀ ti kọjá ìwé àti bírò. Tí ọkàn bá rẹ̀wẹ̀sì lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ohunkóhun ò wù yín mọ́, tí oúnjẹ tàbí oorun ti dàrú, tàbí tí èrò pé ikú sàn ju báyìí lọ bá ń wá, ẹ má dúró de owó oṣù. Ẹ sọ fún ẹnì kan lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn. Láti Ìfọ̀, ilé ìwòsàn Àrò ní Abẹ́òkúta ò jìnnà, ọ̀nà kan náà ni. Láti ọdún 1954 ló ti ń tọ́jú èèyàn, ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo ti fi hàn gbogbo ayé pé aláìsàn ọpọlọ lè máa gbé láàárín àwọn ará abúlé kó sì máa gba ìtọ́jú. Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá gbọ́ Àrò ní àdúgbò wa, ohun mìíràn ni wọ́n máa ń rò. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lọ síbẹ̀ ló ń gba ìtọ́jú tán, tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ padà sílé lọ́jọ́ kan náà.

Ní ti tèmi, ₦135,000 ni owó oṣù mẹ́ta. Nígbà tí sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ parí, mo ti gba ₦28,000, ó ku ₦107,000. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù kẹjọ, mo sì ní kí Mọ́mì buwọ́ lu iye yẹn kí n tó lọ. Nígbà tí àwọn òbí san owó ilé ìwé tuntun lóṣù kẹsàn-án, wọ́n pè mí, wọ́n fún mi ní ₦60,000. Lóṣù kejìlá, ₦15,000. Ó ku ₦32,000. Mo ṣì máa ń kí wọn lọ́jọ́ Ọdún, mo sì máa ń fi nọ́ńbà yẹn sí ìparí mẹ́sééjì náà.